Ẹ Kú Ọ̀nà Lọ́kọ́ja

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Lóṣù tó ń bọ̀, àwọn òbí mi yóò pé ogójì ọdún tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, Kúbúwà níbí la ti fẹ́ ṣe é. Èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ìkíni tí a ó kà níwájú àlejò. Mo ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó jọ ti gbogbo ayé: "Dádì àti Màmá, ẹ̀yin ni àwòkọ́ṣe rere wa. Ìfẹ́ yín dà bí wúrà tí kì í dípẹtà. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹ́ní. Ẹ óò pẹ́ fún wa o." Kò sí ohun pàtàkì kan nínú ìgbéyàwó wọn tí mo lè tọ́ka sí, àfi pé Dádì tẹ̀ lé iléeṣẹ́ ìjọba wá sí Àbújá ní 1992, tí Màmá dúró ti àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Múṣin títí di 1998. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó jinlẹ̀. Ṣé Yorùbá ni kí n fi kà á ni àbí Òyìnbó? Àwọn ará ibi iṣẹ́ Dádì tí kò gbọ́ Yorùbá yóò wà níbẹ̀. Ọmọ kẹta, Kúbúwà.*

Kò sí ohun pàtàkì kan! O wá ju ọdún mẹ́fà sílẹ̀ bí ẹni ju ṣéńjì owó ọkọ̀ sínú àpò. Ọmọ mi, ọdún mẹ́fà nínú ogójì. Obìnrin kan wà ní Múṣin pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ wà ní Àbújá, fóònù alágbèéká kò sì tí ì kárí ilé nígbà yẹn, nítorí oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni èyí tí gbogbo wa ń lò yìí tó wọ ilẹ̀ wa. Bí ọmọ bá ṣe àìsàn lóru, ta ni Màmá ké sí? Bí Dádì bá sọ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ọkọ̀ sì bà jẹ́ lọ́nà, báwo ni Màmá ṣe mọ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó jinlẹ̀ tí ò ń wá kiri wà. O ti dì í mọ́ inú lẹ́tà rẹ, o sì kọ "àfi pé" sí i lórí.

Irú lẹ́tà yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, pàápàá láti ọwọ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n gbé olú-ìlú kúrò ní Èkó wá síbí, tí iléeṣẹ́ ìjọba sì ń kó bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ á wá, ìyàwó á dúró, torí pé Èkó ni ọjà rẹ̀ tàbí iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ọmọ ti ń lọ sílé-ìwé. Àwọn ọmọ wá dàgbà, wọn ò ka ọdún wọ̀nyẹn mọ́ ìgbéyàwó òbí wọn. Lójú tiwọn, ńṣe ni ìgbéyàwó náà lọ ìsinmi, tó sì padà wọlé nígbà tí Màmá kó dé.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ kúrò lórí ohun tí o kọ. "Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹ́ní" jẹ́ àdúrà ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó túmọ̀ sí pé kí ìyàwó tuntun tètè lóyún, kó rí ọmọ gbé pọ̀n. Màmá rẹ ti bí mẹ́rin, ó sì ti tó ẹni tó ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Ṣé àbúrò lò ń wá ni? Bí o bá kà á níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín tí wọn yóò rín kò ní jẹ́ irú èyí tí o fẹ́. Ní ti "àwòkọ́ṣe" àti "wúrà," kò sí irọ́ nínú wọn. Ohun tó ṣe wọ́n ni pé wọ́n bá tọkọtaya tó wà ní òdìkejì títì mu gẹ́lẹ́. Yọ Dádì àti Màmá kúrò nínú ohun tí o kọ, fi orúkọ onílé yín sí i. Bí ó bá ṣì bá a mu, ya á.

Yorùbá ti fún ọ ní irinṣẹ́ tí o ń fi sílẹ̀ lọ wá wúrà. "Ẹ kú" ni. Kò sí iṣẹ́ tí a kò lè fi í kí ènìyàn fún: ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú òjò, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹni tó bá ń kí tọkọtaya tó ti pẹ́ yóò sọ "ẹ kú ogójì ọdún" lẹ́ẹ̀kan, á tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni kó máa kí wọn fún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní orúkọ rẹ̀ gan-an. "Ẹ kú ìfaradà" ṣì fẹ̀ jù. "Ẹ kú ọ̀nà Lọ́kọ́ja" ni Dádì yóò gbọ́ tí yóò fi gbé orí sókè.

Ṣùgbọ́n o kò mọ ohun tí o máa kí wọn fún, nítorí o kò bi wọ́n rí. Bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, má sì ṣe bi wọ́n lórí Wásáàpù ẹbí, torí ibẹ̀ ni wọn yóò ti ṣe òyàyà fún ọ, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Bá Màmá ní kíṣìnì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Má bi í léèrè àṣírí ìgbéyàwó tó pẹ́. Àdúrà àti sùúrù ni yóò dá ọ lóhùn, bí gbogbo ìyá. Bi í pé kí ni Dádì máa ń gbé bọ̀ tó bá ti Àbújá dé. Bi í pé lọ́jọ́ Àìkú tó bá ń padà, kí ló máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Bi Dádì náà pé kí ló máa ń kọ́kọ́ bá nílé, kí o sì bi àwọn méjèèjì pé ta ló kọ́kọ́ sọ ní 1998 pé ó tó gẹ́ẹ́, ká máa kó lọ. Bí ìdáhùn wọn sí ìyẹn kò bá dọ́gba, má ṣe bá wọn là á, torí ìyẹn gan-an dùn láti kà níwájú àlejò.

Ibì kan wà tí o ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ọdún mẹ́fà tí ọkọ fi gbé ìlú mìíràn lè ní ohun tí wọ́n ti sin. Bí o bá béèrè, tí Màmá dákẹ́, tó ní kí o bá òun gbé omi wá, gbé omi náà wá, má sì padà síbẹ̀ mọ́. Wá ohun mìíràn láàárín ogójì ọdún, ó pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá sì rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, o ti rí i.

Ká ní Màmá sọ pé iṣu méjì ni Dádì máa ń gbé bọ̀ ní ìparí oṣù, tí ọ̀kan sì máa ń ṣẹ́ nínú ọkọ̀ kó tó délé. Ká ní Dádì sọ pé inú páálí bàtà ni Màmá ń kó rìsíìtì owó ilé-ìwé yín sí, tó máa ń gbé e síwájú òun kí òun tó bọ́ ṣòkòtò ìrìnàjò. Ó tó. Báyìí ni yóò ṣe lọ:

*"Dádì, Màmá, ẹ kú ogójì ọdún. Dádì, ẹ kú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ẹ kú ọkọ̀ òru ìparí oṣù, ẹ kú iṣu méjì tó ń di mẹ́ta kí ẹ tó dé Múṣin. Màmá, ẹ kú ilé. Ẹ kú páálí bàtà tí rìsíìtì kan kò sọnù nínú rẹ̀, tí ẹni tó ń rán owó fi ń rí ibi tí owó rẹ̀ gbà lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ fi gbé ilé méjì, àwa ọmọ kò sì mọ̀ pé méjì ni. Ilé kan ṣoṣo tí ẹ wá kó ara yín jọ sí yìí, ẹ óò pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ kú ogójì ọdún."*

Kò tó ìṣẹ́jú kan láti kà. Má jẹ́ kó kọjá méjì, torí jẹnẹrétọ̀ ń ké, ìrẹsì sì ti ń jáde. Wò ó pé Dádì ní tirẹ̀, Màmá ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń da gbogbo rẹ̀ sórí ìyá, bàbá á jókòó síbẹ̀ bí àlejò nílé ara rẹ̀. Má ro ọ̀rọ̀ "ìfẹ́" mọ́ ọn o. Iṣu yẹn ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má yọ àdúrà kúrò, nítorí ìkíni Yorùbá tí kò ní àdúrà á dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ọ̀kan péré ni kí o fi sí i, kó sì jáde látinú ìtàn wọn, bí ti ilé tí mo fi sí i yẹn. Má mẹ́nu ba ikú, ì báà ṣe "títí ikú yóò fi yà yín." Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n sọ ìyẹn, nígbà tó ṣì jìnnà sí wọn.

Bí ẹ bá pe akéwì, kìlọ̀ fún un ṣáájú. Wọ́n máa ń fi oríkì ilé bàbá yín ki ìyàwó àti ọkọ pọ̀. Ìyàwó kì í fi oríkì ilé bàbá tirẹ̀ sílẹ̀ nílé ọkọ. Bí Màmá bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Olófà ni títí dòní, ìjàkadì ni kí wọ́n fi kì í. Kọ oríkì méjèèjì sílẹ̀ fún un.

Yorùbá ni kí o fi kà á. "Ẹ kú" kò ní ibi tó lè gbà wọ inú Òyìnbó, "congratulations" lásán ni yóò dà. Àwọn ará ibi iṣẹ́ Dádì tó jẹ́ Hausa yóò tètè lóye ju bí o ṣe rò lọ, torí àwọn náà ń kí ara wọn ní "sànnú dà áíkì." Kí ẹ̀gbọ́n rẹ kan sọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta lẹ́yìn rẹ, ó parí.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú férémù, má fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé bí ọ̀rọ̀ lásán. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà tiwọn kì í ní fọ́ńtì tó gbé àmì àti àmì-ìsàlẹ̀ wa pọ̀, ẹ́ àti ọ̀ á di àpótí òfìfo, tàbí kí wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò tí ọkọ á di oko. Sọ ọ́ di PDF fúnra rẹ, ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún ọ wò, kí o sì fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí o tó sanwó. Fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o wọ kíṣìnì lọ bá Màmá.