Bí pírẹ́ṣọ̀ bọ́ílà bá ń já wálẹ̀ ṣáá

"Ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń fi omi kún bọ́ílà tó ń mú ilé wa móoru títí géèjì á fi dé báà 1.5, àmọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti tún já sí 0.5, kò sì ní tàn mọ́. N kò rí ibi tí omi ti ń jò nínú ilé. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kọ́kọ́ wo géèjì yẹn nígbà tí bọ́ílà bá tutù, kí ẹ tún wò ó nígbà tó bá ti gbóná dáadáa. Bó bá kúrò ní 1.2 tó gun nǹkan bíi 1.7, kò burú. Tèmi máa ń sáré gun 3 ni, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Omi tó bá gbóná máa ń wú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi àgbá kékeré kan sínú bọ́ílà, tí awọ rọ́bà pín sí méjì: omi wà lápá kan, afẹ́fẹ́ wà lápá kejì. Bí omi bá wú, afẹ́fẹ́ á fún pọ̀, á fàyè gbà á. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti tán, omi ò ríbi lọ mọ́. Pírẹ́ṣọ̀ á dé 3, fáàfù ààbò á ṣí, á tu omi sí páìpù tó yọ síta ilé. Tí bọ́ílà bá tutù, géèjì á já wálẹ̀, ilẹ̀ inú ilé á sì gbẹ táútáú.

Ẹ so ọ̀rá mọ́ ẹnu páìpù ìta yẹn, kí ó má fún jù, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí bọ́ílà bá wà ní pípa, torí omi tó ń tibẹ̀ jáde lè bóni lára. Nígbà tí mo so tèmi, ilẹ̀ mọ́, mo bá omi nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ gáàsì tó ní ìwé àṣẹ ló tú bọ́ílà, torí ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ onílé. Ó tẹ fáàfù ara àgbá náà, tó dà bíi ti táyà ọkọ̀. Ká ní omi ló tú jáde ni, á jẹ́ pé rọ́bà ti ya, àgbá tuntun ló kù. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló jáde, nítorí náà ó tú omi dànù títí géèjì fi dé òdo, ó sì fún un ní afẹ́fẹ́ dé iye tí ìwé bọ́ílà sọ. Ó pààrọ̀ fáàfù ààbò pẹ̀lú: tó bá ti ń ṣí léraléra, ìdọ̀tí lè há sí i lẹ́nu, kò sì ní pa dé dáadáa mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ fi omi kún un, ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ yẹ páìpù ìfomikún wò bóyá ó le dáadáa lórí méjèèjì. Ẹ ṣí fáàfù àkọ́kọ́, kí ẹ wá rọra ṣí ìkejì, kí ojú yín má kúrò lára géèjì. Tó bá dé 1.2, ẹ pa méjèèjì. Bí páìpù náà bá ṣe é yọ, ẹ yọ ọ́, torí fáàfù tí kò bá pa dáadáa á máa fi omi kún un lábẹ́lẹ̀. Bó bá kọjá 1.5, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀ tú díẹ̀ sínú ife.

Ẹ má sọ fífi omi kún un di ìṣe o. Omi tuntun ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, á máa jẹ irin rédíétọ̀, á sì máa bu omi la oògùn tó ń dènà ìpata inú rẹ̀. Bí ọ̀rá bá gbẹ, tí géèjì kò sì gùn jù, páìpù abẹ́ ilẹ̀ àti ìdí fáàfù rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan ló kàn láti yẹ̀ wò.