Gìrátúítì lẹ́yìn tí èèyàn bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: ojú mi rí nǹkan ní Àkúrẹ́

*"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan níbí ní Oǹdó lẹ́yìn ọdún 6 àti oṣù 8. Ọ̀rọ̀ gìrátúítì wà nínú ìwé àdéhùn mi, ṣùgbọ́n ádímìn ní kò sí fún ẹni tó bá fúnra rẹ̀ lọ. Báwo ni mo ṣe máa kọ lẹ́tà kí wọ́n bá mi ṣírò rẹ̀?"*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Gbólóhùn yẹn gan-an ni ọ̀gá ádímìn wa sọ fún èmi náà ní Àkúrẹ́ lọ́dún 2022. Ẹ̀pà ló ń jẹ bó ṣe ń sọ ọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ ká ti mọ èyí ná: kò sí òfin ìjọba kankan tó ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni san gìrátúítì ní dandan. Ìwé tí ẹ̀yin àti wọn jọ fọwọ́ sí ló sọ ọ́ di gbèsè lọ́rùn wọn. Nítorí náà, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ àánú, ẹ má sì sọ bí ẹ ṣe sìn wọ́n tó. Mo sọ gbogbo ìyẹn, ojú lásán ni wọ́n fi wò mí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ló ń bá wọn wí.

Sítọ́ọ̀ ni mò ń tọ́jú nílé iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó. Ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2013 ni mo wọlé, wọ́n fún mi níwèé ìfìdímúlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, mo sì kúrò ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ìwé àdéhùn mi ò sọ púpọ̀, ohun tó kàn wí ni pé ọ̀rọ̀ gìrátúítì wà nínú ìwé òfin òṣìṣẹ́. Ìwé òfin òṣìṣẹ́ ọ̀hún wá di ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ádímìn, ó ní ó wà lọ́dọ̀ akáùntáǹtì. Akáùntáǹtì ní ó ti lọ sí Èkó. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wọ ọ̀kadà láti Ọba-Ilé lọ bá wọn, nínú òjò oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, ẹnu ni mo sì ń fi béèrè ní gbogbo ìgbà yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti gọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ le, wọ́n ní àwọn ò rántí pé mo béèrè ohunkóhun. Owó yẹn ni mo fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Ilé-Olújì. Onílé dúró dè mí títí ó fi sú u, ó gbé e fún obìnrin kan tó ń ta aṣọ. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá títí di òní, mi ò kì í wo ọ̀gangan yẹn.

Ọmọdékùnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ ló bá mi ya fótò ojú ìwé méjì péré nínú ìwé òfin náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tó ti lo ọdún 5 ó kéré tán, tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nàkọnà yàtọ̀ sí pé wọ́n lé e nítorí ìwà àìtọ́, yóò gba bésíìkì oṣù kan, ìyẹn owó oṣù láìka owó ilé àti owó ọkọ̀, fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá pé. Ẹni tó bá ti pé ọdún 10, bésíìkì oṣù kan àbọ̀. "Lọ́nàkọnà" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé kíkọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ni? Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yẹn ń jẹ̀pà ó ń sọ pé kò sí.

Nígbà tí mo gbé ojú ìwé yẹn síwájú wọn, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní owó mi jẹ́ ₦266,000. Wọn ò fi ìṣirò kankan sí i, iye lásán ni. Mo ti fẹ́ gbà á o, ebi ò mọ òfin. Ìyàwó mi ló ní kí n béèrè bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a, ìgbà tó dé, bébà tí wọ́n fà ya ni wọ́n kọ ọ́ sí pẹ̀lú bírò.

Wọ́n ka ọdún mi láti ọjọ́ ìfìdímúlẹ̀, ó di ọdún 8. Bésíìkì tí wọ́n lò ni ₦48,000, èyí tí mò ń gbà kí wọ́n tó fi kún owó wa ní 2021. Ìyẹn já sí ₦384,000. Wọ́n wá yọ ₦118,000, gbogbo owó oṣù mi kan pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀, wọ́n ní mi ò fún wọn ní nótíìsì tó pé oṣù kan. Ó ku ₦266,000.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé wọn fúnra wọn wí. Ìfìdímúlẹ̀ ló ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà, kò sọ ibi tí wọn yóò ti máa ka ọdún. Ọjọ́ tí mo wọṣẹ́ ló wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ìyẹn sì fún mi ní ọdún 9 àti oṣù 2 àti díẹ̀. Oṣù 2 yẹn sọnù, torí "ọdún tó bá pé" ni wọ́n kọ, mi ò lè jà lórí ìyẹn. Bésíìkì tó wà lórí páyísílíìpù mi tó kẹ́yìn jẹ́ ₦62,000, ìwé òfin náà sì sọ pé èyí tí èèyàn ń gbà lọ́jọ́ tó kúrò ni wọ́n máa lò. 62,000 lọ́nà 9 jẹ́ ₦558,000.

Ọ̀rọ̀ nótíìsì ló dùn mí jù, torí ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Nótíìsì oṣù kan, tàbí bésíìkì oṣù kan dípò rẹ̀, ló wà nínú àdéhùn. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ni mo fún wọn ní lẹ́tà, mo sì ní ọjọ́ 31 ni mo ń lọ. Ká ní mo dúró fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí i, ₦62,000 ì bá wà lápò mi. Bésíìkì ni ìwé dárúkọ, nítorí náà ₦62,000 ni wọ́n lè yọ, kì í ṣe ₦118,000. Ó ku ₦496,000, iye tí wọ́n padà san nìyẹn: ₦250,000 ní oṣù Kẹwàá, ìyókù ní oṣù Kejìlá.

Ẹ tún gbọ́ o. Ká ní mo fara dà á fún oṣù 10 péré sí i, mo pé ọdún 10 nìyẹn, á di 62,000 lọ́nà 15, ìyẹn ₦930,000. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí tó kọ lẹ́tà, kó kọ́kọ́ wo ibi tí owó ti ń fò sókè. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ti kọ tiyín. Inú ló ń bí mi.

Ó dáa, lẹ́tà. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá ilé iṣẹ́, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ádímìn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yín, ọjọ́ tí ẹ ṣe iṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ dárúkọ nọ́ńbà abala tó sọ gìrátúítì, kí ẹ sì da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín pé: iye ọdún tí àwọn kà àti ọjọ́ tí àwọn bẹ̀rẹ̀ kíkà, owó oṣù tí àwọn lò, iye tí àwọn fi sọ ọ́ di púpọ̀, àti ohun tí àwọn yọ pẹ̀lú abala tó fún wọn láṣẹ láti yọ ọ́. Ẹ má béèrè "owó mi" lásán, ìṣirò ni kí ẹ béèrè. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ 14. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí tiyín, kó kọ déètì, kó lu sítáǹpù. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, pé gìrátúítì yín wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Owó ìfẹ̀yìntì ni ìyẹn, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín àti ìdá 10 tí àwọn ń fi kún un. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ló ṣètò ìyẹn, ó sì gbà kí ilé iṣẹ́ san àfikún tí wọ́n bá ti bá òṣìṣẹ́ dì í ní àdéhùn. Ẹ wò ó náà bóyá gbogbo oṣù ni wọ́n san án, nítorí tèmi, oṣù 7 ni ò sí níbẹ̀. Tí ẹ ò bá tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù 4 bá kọjá láìríṣẹ́ mìíràn, ẹ lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ò kan gìrátúítì rárá.

Èkejì, wọ́n lè gbé fọ́ọ̀mù kan fún yín kí ẹ tó rí kọ́bọ̀, tó sọ pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, kò sí gbèsè mọ́. Ẹ má fọwọ́ sí i kí ẹ tó rí ìṣirò. Ti pé ẹ ń wá owó ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èsì, lẹ́tà lọ́yà ló kàn. ₦40,000 ni mo san. Lọ́yà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ń sọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kó tó ka ìwé mi, mo dìde kúrò níbẹ̀. Èkejì ka abala yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ojú ìwé kan ṣoṣo, ó sì mẹ́nu ba ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, èyí tó ní ẹ̀ka níbí ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ádímìn pè mí fúnra rẹ̀, tó ń pè mí ní "bọ̀ọ̀dá mi".

Ní ti pé wọn kì í san án fún ẹni tó fúnra rẹ̀ lọ, mi ò lè dá ẹjọ́ ìyẹn láìrí ìwé yín. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ "nígbà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́", ẹ wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ "nígbà tó bá fẹ̀yìn tì", tí wọ́n sì dárúkọ ọjọ́ orí, ọ̀rọ̀ le díẹ̀. Ti oṣù 8 yín náà ńkọ́? Ká ní bésíìkì yín jẹ́ ₦45,000, tó bá jẹ́ ọdún tó pé nìkan, ₦270,000 ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń ka ìdá ọdún mọ́ ọn, ₦300,000. Ẹ da abala yẹn kọ síbí lọ́rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ fi orúkọ ilé iṣẹ́ pamọ́, kí a jọ wò ó.