Kẹ́ ẹ tó kọ iye sí “Expected salary” yẹn

“Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mò ń kọ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ akáńtì kan n'Íkẹjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n kọ iye owó tí mò ń retí, àwọn fúnra wọn ò sì sọ iye tí wọ́n fẹ́ san. Kò gbà kí n fò ó. Kí ni kí n kọ síbẹ̀ báyìí?”

Ẹ má tíì tẹ Submit o. Mo ti kó sí kòtò yẹn rí, ojú mi rí màbo.

Lọ́dún 2022, Ògbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé owó ni mò ń bá wọn kọ, 145,000 náírà ló ń wọ akáǹtì mi lóṣooṣù, Agége ni mò ń gbé, 400 náírà ti gbé mi lọ gbé mi bọ̀ lójúmọ́. Ni mo bá rí iṣẹ́ kan l'Áílàǹdì. Mo ń kọ fọ́ọ̀mù lọ, mo dé ibi Expected salary, mo wò ó pé tí 180,000 bá ń wọlé ara á tù mí díẹ̀, mo kọ 180000, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Wọ́n pè mí, a ṣe íńtáfíù, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ dárúkọ owó mọ́, mo ní Ọlọ́run ti ṣe é. Lẹ́tà dé, 180,000 géérégé ló wà níbẹ̀, mo sáìnì kíá. Oṣù parí, áláàtì dún, mo wo fóònù, 150,000 lé díẹ̀ báyìí. Mo kọ́kọ́ rò pé torí mi ò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù ni, àfìgbà tí mo rí péésílíìpù. 180,000 ni wọ́n san lóòótọ́, pẹ́ńṣọ̀n ti mú 14,400 níbẹ̀, owó orí mú bíi 15,300. Owó tó wá lé lórí ti tẹ́lẹ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé díẹ̀ lọ, mọ́tò sì ń gba 1,500 lọ́wọ́ mi lójúmọ́, ẹ fi ìyẹn lu ọjọ́ méjìlélógún kẹ́ ẹ wò ó. Mo lọ bá ọ̀gá tó gbà mí, kò bínú, ó kàn ní, “Ṣé kì í ṣe iye tẹ́ ẹ kọ la fún yín ni?” Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé táwa òṣìṣẹ́ bá ní “owó oṣù mi”, áláàtì là ń sọ. Iléeṣẹ́ tó bá kọ iye sórí ìwé, gírọ́ọ̀sì lòun ń sọ, ìyẹn odindi owó kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀ kankan níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ò ní sọ èyí tóun ń bèèrè, àmọ́ ẹni tó máa kà á, gírọ́ọ̀sì ló máa kà á sí. Torí náà áláàtì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa gun òkè bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní bíi 320,000 lẹ fẹ́ kó máa wọlé. Ẹ mú 400,000 lóṣù wò, 4,800,000 lọ́dún nìyẹn. Pẹ́ńṣọ̀n máa mú náírà 8 nínú 100, orí owó iṣẹ́ gan-an àti owó ilé àti owó mọ́tò tó wà nínú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, mo máa ń ka gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn kó má bàa já mi kulẹ̀, ìyẹn 384,000, ó ku 4,416,000. Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan 800,000 àkọ́kọ́, ó ku 3,616,000. Wọ́n á mú 15 nínú 100 lórí 2,200,000, ìyẹn 330,000, wọ́n á mú 18 nínú 100 lórí 1,416,000 tó kù, ìyẹn 254,880. Owó orí ọdún kan jẹ́ 584,880, 48,740 lóṣù. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún yọ 32,000 ti pẹ́ńṣọ̀n, áláàtì yín á jẹ́ 319,260. (Tẹ́ ẹ bá ń rẹ́ǹtì ilé, tẹ́ ẹ sì ní rìsíìtì lọ́wọ́, owó orí yẹn á tún já wálẹ̀ díẹ̀.) Ẹni tó bá fẹ́ rí 320,000, 400,000 ló yẹ kó kọ nìyẹn, ẹ ò rí i pé àlàfo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá oṣù ni wọ́n ń bèèrè àbí ọdún. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ 400000 síbi tí wọ́n ti ń ka owó lọ́dọọdún, ìyẹn bíi 33,000 lóṣù, owó tí ò tó ìdajì 70,000 tí ìjọba ní kí ẹni tó kéré jù máa gbà. Wọn ò pè é, èmi náà ò bá tí pè é.

Iye tí ẹ máa kọ gan-an ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọjà ni, ẹni tó ń tajà ló ń kọ́kọ́ dárúkọ owó, ibi tọ́rọ̀ yìí ti burú ni pé ẹ ò rójú oníbàárà, tẹ́ ẹ bá sì dá a lé wọn jù, kò ní ná an, á kàn kọjá lọ. Àwọn fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ti sé òkè ẹ̀, tí iye yín bá ti kọjá ibẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Èmi máa ń mọ iye tí mi ò lè lọ sábẹ́ ẹ̀, gírọ́ọ̀sì o, kí n wá fi bíi ìdá mẹ́wàá lé e, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, 400,000 tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan á wá di 440,000. Ẹ wá ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ẹ má bi í pé èló ló ń gbà, kò ní sọ. Ẹ ní, “Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí lọ́dọ̀ yín, láti iye sí iye wo ni?” Ìyẹn máa ń yá wọn lẹ́nu.

Mo ti kọ 0 rí o, kí n tó jẹun alẹ́ tán ímeèlì “a ò lè gbà yín” ti dé. Mi ò lè búra pé 0 yẹn ni, ṣùgbọ́n mi ò dán an wò mọ́. Tí àyè yẹn bá gba ọ̀rọ̀, ẹ má kọ Negotiable lásán, ẹ kọ báyìí:

```
440,000 gross monthly, negotiable
```

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló gbà, ẹ kọ 440000 láìfi kọ́mà sí i, kẹ́ ẹ wá fi kún lẹ́tà yín pé iye yẹn jẹ́ gírọ́ọ̀sì lóṣù, ẹ̀yin àtàwọn sì lè jọ sọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe tó. Ìlà kan péré ni, òun ni mo máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù. Ẹ má parọ́ iye tẹ́ ẹ ń gbà níbi tẹ́ ẹ wà báyìí o, ọ̀pọ̀ wọn á ní kẹ́ ẹ mú péésílíìpù wá.

Fọ́ọ̀mù tiyín yìí, oṣù ni wọ́n kọ síbẹ̀ àbí ọdún, tàbí wọn ò kọ nǹkan kan? Ẹ sọ fún mi, kẹ́ ẹ tún sọ áláàtì tẹ́ ẹ fẹ́, ká jọ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.