Kí ni ajọ́sítà ń wá nínú ṣọ́ọ̀bù tó jóná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iná jó ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní àwọn ń rán ajọ́sítà, ìyẹn ẹni tó ń yẹ òfò wò, bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Kí ni ẹni náà fẹ́ wá wò? Ṣé kí n ti gbá ilẹ̀ kó tó dé? Àwọn ìwé ọjà mi kan sì ti bá iná lọ, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu iná. Ẹ má tíì gbá ilẹ̀ náà o. Òkìtì eérú àti àjókù aṣọ tí ẹ fẹ́ kó dànù yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ ya fótò gbogbo ibẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé igun kọ̀ọ̀kan, òrùlé àti ibi tí mítà wà. Aṣọ tí iná ò kàn, tó jẹ́ pé omi panápaná ló rin ín, ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ kí ẹ sì sá, torí aṣọ tútù tó wà nínú ìdì kì í pẹ́ bu. Àdéhùn ìbánigbófò fúnra rẹ̀ ló ní kí oníbàárà ṣe ohun tó bá lè ṣe kí òfò má bàa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má tà á, ẹ má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, títí ajọ́sítà á fi kà á. Bí àwọn alákòóso ọjà bá ní dandan ni kí ẹ kó o kúrò, ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún ilé iṣẹ́ náà tàbí bírókà yín, kí ẹ sì tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà.

Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ló yan ajọ́sítà, àwọn náà ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ dá dúró, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánigbófò, ló sì ń fún un ní ìwé àṣẹ. Ohun méjì ló wá dáhùn: ṣé òfò yìí wà lára ohun tí àdéhùn yín bò, àti pé èló ni òfò náà. Òun kọ́ ló máa pinnu bóyá wọ́n á san owó. Ìròyìn ló máa kọ, á sì dá àbá. Nítorí náà, bí ẹ bá bi í pé “Èló lẹ máa san fún mi?”, tó ní òun ò lè sọ, ẹ má rò pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ẹ ní kó fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ àti lẹ́tà tí wọ́n fi yàn án hàn yín. Kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ó tún ṣeé ṣe kó fún yín ní lẹ́tà tó sọ pé bí òun ṣe ń ṣèwádìí kò túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ ti gbà pé àwọn jẹ yín lówó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí ó má dẹ́rù bà yín.

Tó bá dé, á ní kí ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ta ló ti ilẹ̀kùn kẹ́yìn, aago mélòó, ṣé wọ́n pa iná mànàmáná, ta ló kọ́kọ́ rí èéfín. Ohun tí ẹ bá mọ̀ ni kí ẹ sọ. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Á fi ọ̀rọ̀ yín wé ti ọlọ́dẹ, ti aládùúgbò àti ìròyìn panápaná. Ẹni tó ní òun ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà, tí ọlọ́dẹ sì rí i níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ti fa ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn fún ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Bó bá kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ tó ní kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan.

Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ibi tí iná ò fi bẹ́ẹ̀ jó lọ sí ibi tó jó jù. Òkè ni iná máa ń gbà, ó sì ń fẹ̀ bó ti ń gòkè. Nítorí èyí, àmì tó máa ń fi sára ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ó sì gbòòrò lókè, bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Ibi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni á ti tú ilẹ̀ wò. Bí wáyà bá wà níbẹ̀, á wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ yọ́ di kóró roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó máa ń fi hàn pé iná mànàmáná ta nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibi méjì tí kò kan ara wọn ni iná ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè á pọ̀ sí i. Á tún wo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn bóyá wọ́n já a.

Ẹ lọ ka ìwé àdéhùn yín kó tó dé, pàápàá ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí ẹ ṣèlérí láti máa ṣe. Àdéhùn mìíràn ní agolo ìpaná gbọ́dọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́jú pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Irin kì í jó di eérú: bí agolo bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ajọ́sítà á bá a nínú eérú. Bí kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù bá wà níbẹ̀ náà, ó ṣòro kó má rí àmì rẹ̀.

Iye aṣọ ló máa ń fa àríyànjiyàn jù. Àwọn tó ń sọ pé “gbogbo rẹ̀ jóná pátápátá” kò mọ bí aṣọ ṣe ń jó. Aṣọ tí wọ́n ká tí wọ́n sì dì pọ̀ kì í fàyè gba afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jó, àárín rẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Ajọ́sítà á ka àwọn àárín yìí. Á tún fi tépù wọn pẹpẹ, á ṣírò iye ìdì tó lè gba ibẹ̀. Bí pẹpẹ yín ò bá lè gbà ju ìdì 300 lọ, ẹ má kọ 500.

Ìwé ló kàn. Ẹ kó ìwé àdéhùn, rìsíìtì owó ìbánigbófò, ìròyìn panápaná àti ti ọlọ́pàá jọ. Rìsíìtì yẹn ṣe kókó: òfin Nàìjíríà kò fàyè gba ìbánigbófò àwìn, bí ẹ ò bá tíì sanwó kí iná tó ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tó bò yín. Fún ìwé ọjà tó jóná, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ti ra ọjà, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìńfọ́ìsì. Ẹ gba àkọsílẹ̀ owó yín ní báńkì, ẹ wá ìwé tí awakọ̀ fi kó ẹrù, kí ẹ sì tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá oníbàárà sọ lórí wásáàpù. Ẹ má ṣe lọ tẹ ìńfọ́ìsì tuntun o. Ajọ́sítà á pe ẹni tó tà á fún yín. Ìńfọ́ìsì oṣù kìíní àti ti oṣù kẹrin tí nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn, bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan ni oníbàárà onítọ̀hún, máa ń tú àṣírí fúnra rẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo sì lè ba gbogbo kíléèmù jẹ́, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ká ní nígbà tí ẹ ka ọjà ní ìparí ọdún, ₦9,200,000 ló wà nílẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ iná, ẹ ra ọjà ₦14,600,000, ẹ sì ta ti ₦15,000,000. Èrè wà nínú owó tí ẹ tà á, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò: bí aṣọ tí ẹ ra ní ₦100 bá ń di ₦125 lọ́wọ́ yín, a jẹ́ pé ₦12,000,000 ni ẹ ra èyí tí ẹ tà. Ẹ ro 9,200,000 pọ̀ mọ́ 14,600,000, kí ẹ yọ 12,000,000, ó ku ₦11,800,000. Iye ọjà tó yẹ kó wà ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé owó tí ẹ fi rà á ni, kì í ṣe owó tí ẹ máa tà á. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìbánigbófò ò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí ẹ wà kí iná tó ṣẹlẹ̀ ló fẹ́ dá yín padà sí.

Ká tún ní aṣọ ₦900,000 kò fara kan nǹkan kan, àwọn tí omi rin sì ṣì lè mú ₦900,000 wá lówó pọ́ọ́kú. Yọ ₦1,800,000 yìí, òfò yín di ₦10,000,000.

Ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí. Bó bá jẹ́ ₦8,850,000 péré ni ẹ kọ sínú àdéhùn, tí ọjà tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ ₦11,800,000, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà yín lẹ sanwó ìbánigbófò lé lórí. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òfò náà ni wọ́n máa san: ₦7,500,000. Àwọn oníṣẹ́ ń pe èyí ní áfírééjì. Òfò kékeré gan-an náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: bí ₦1,000,000 péré bá jóná, ₦750,000 lẹ máa rí gbà. Bí àdéhùn bá sì ní kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á yọ ₦375,000 nínú ₦7,500,000 yẹn, ó ku ₦7,125,000. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, iye tí ẹlòmíràn kọ lọ́jọ́ tó gba àdéhùn kì í bá owó ọjà mu mọ́ kí ọdún tó yípo. Kì í ṣe ajọ́sítà ló dá òfin yìí sílẹ̀, ẹ má bá a jà lé e. Ẹ bá a ṣírò iye ọjà náà ni, torí àṣìṣe níbẹ̀ ló lè yí ìdá yẹn padà.

Bí ilé iṣẹ́ bá gbà, wọ́n á fi ìwé kan ránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní fáọ́ṣà ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbà pé iye tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí òun máa gbà lórí iná yìí. Bí iye náà kò bá bá ohun tí ẹ ṣírò mu, ẹ má tíì fọwọ́ sí i: ẹ kọ lẹ́tà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé tí ẹ ní tì í lẹ́yìn. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ lè mú ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ NAICOM.