Kí ló dé tí ọmọ inú kàtúùnù mi fi dàbí ìwé tí a gé lẹ̀ mọ́ ògiri?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń ṣe kàtúùnù kan níbí ní Kubwa. Ọmọbìnrin kan gbé fìtílà lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà ọyẹ́, igi kan wà lẹ́yìn rẹ̀, Àpáta Zuma sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. After Effects ni mo fi to àwọn léyà náà pọ̀. Ọmọ náà kò bá ibẹ̀ mu rárá, ó dà bí ẹni tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi Glow àti Camera Lens Blur bo gbogbo rẹ̀ lókè, mo tún ra LUT kan, ìyẹn fáìlì tó ń yí àwọ̀ padà, kún un, ó tún burú sí i ni. Iye wo ni kí n fi Glow sí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, yọ Glow yẹn kúrò ná. Yọ LUT náà pẹ̀lú. Ó ń dùn mí gan-an bí àwọn tó ń ta LUT ṣe ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ń sọ fún wọn pé ohun kan ṣoṣo tí a bá dà lé gbogbo léyà lórí ló máa sọ wọ́n di ọ̀kan. Irọ́ ni. Ohun tí o bá dà lé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bákan náà ló máa yí gbogbo wọn padà. Bí irun ọmọ yẹn bá dúdú ju òkúta lọ kí LUT tó dé, yóò ṣì dúdú jù ú lọ lẹ́yìn tí LUT bá dé. Ìyàtọ̀ àárín wọn lo fẹ́ tún ṣe, inú léyà kọ̀ọ̀kan la sì ti ń tún un ṣe, ká tó tò wọ́n pọ̀.

Bọ́ sí ojú ọ̀nà Kàdúná nígbà ọyẹ́, kí o wo Zuma láti òkèèrè. Àwọn ibi tó dúdú jù lára rẹ̀, ṣé dúdú ni wọ́n lóòótọ́ lójú rẹ? Rárá. Eruku tó wà láàárín ìwọ àti òkúta ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì ń ta díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ọ lójú. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń dà pọ̀ mọ́ dúdú òkúta, bí ìgbà tí èèyàn da mílíìkì sínú tíì. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà tó ni mílíìkì náà ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tó dúdú ni ìyípadà yìí máa ń hàn lára rẹ̀ jù. Ohun tó ti mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà, dúdú tó dúdú jù nínú léyà kọ̀ọ̀kan ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n.

Ṣí pánẹ́ẹ̀lì Info, kí o gbé àmì máòsì sí ibi tó dúdú jù lára nǹkan kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ nọ́ńbà R, G àti B sílẹ̀. Mi ò tíì rí fáìlì tìrẹ, torí náà àpẹẹrẹ ni àwọn nọ́ńbà tí mo fẹ́ kọ yìí, má kàn dà wọ́n kọ. Ká ní pàlàpálá òkúta jẹ́ 98, 90, 76. Pupa ló pọ̀ jù níbẹ̀, búlúù ló kéré jù, torí àwọ̀ eruku nìyẹn. Wàá wá rí i pé irun ọmọ rẹ jẹ́ 3, 3, 5, igi náà sì jẹ́ 4, 6, 4. Ọ̀ràn rẹ gan-an nìyẹn: eruku wà lára òkúta, kò sí lára igi, kò sí lára ọmọ.

Fi Levels (Individual Controls) sórí léyà igi nìkan, kí o gbé Output Black rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: Red 40, Green 36, Blue 30. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà, àmọ́ kí tirẹ̀ kéré gan-an, bíi 14, 12, 10. Bí Levels bá ń fi 0 sí 1 hàn ọ́, pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí 255. Kí o lè mọ̀ bóyá ó ti bára mu, dá Adjustment Layer kan sókè, fi Levels sí i, gbé Gamma rẹ̀ sí 3. Gbogbo dúdú máa là, èyí tí kò sí ní ipò rẹ̀ á sì yọ síta bí eéwo ojú. Tún wo ìkànnì búlúù nìkan. Tí o bá ti rí i tán, pa á. Ìyẹn kò sí fún rẹ́ńdà.

Bí ìlà dúdú tín-ín-rín bá wá yí ọmọ náà ká, kì í ṣe Levels ló fà á. Lọ sí Interpret Footage. Ó ṣeé ṣe kí fáìlì náà jẹ́ Premultiplied, ìyẹn èyí tí dúdú ẹ̀yìn ti dà pọ̀ mọ́ etí rẹ̀, kí o sì ti kà á sí Straight.

Ní ti bíbàìbàì tó ń fi jíjìn hàn, nígbà tí o fi í bo gbogbo rẹ̀, àwọ̀ ọmọ náà ń ṣàn wọ inú òkúta ni. Sórí léyà kọ̀ọ̀kan ni kí o fi í sí, kí o sì fi àmì sí Repeat Edge Pixels lórí léyà ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà sí i ni yóò máa bàìbàì sí i láìdáwọ́dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ọmọ náà wà ní mítà 4, ojú rẹ̀ sì ni kámẹ́rà ń wò. Fi jíjìn nǹkan pín 4, kí o wo ìyàtọ̀ àárín èsì náà àti 1. Igi tó wà ní mítà 12 fún ọ ní nǹkan bíi 0.67. Bí ilé kan bá wà ní mítà 200, yóò fún ọ ní 0.98. Òkúta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1. Tí Blur Radius òkúta bá jẹ́ 12, ti igi á jẹ́ 8, ilé àti òkúta kò sì ní yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀ tójú fi lè rí i. Eruku nìkan ló lè fi hàn pé òkúta wà lẹ́yìn ilé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ dúdú.

Ó wá ku Glow. 60% ni Glow Threshold máa ń wà tí o kò bá fọwọ́ kàn án, ìyẹn 153 nínú 255. Ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́ lè tó 205. Gbogbo ojú ọ̀run rẹ ló ń tàn nígbà yẹn, tó ń ya sára ọmọ náà, fìtílà kò sì yàtọ̀ mọ́. Má wá iye kankan fún un. Gbé iná fìtílà sórí léyà tirẹ̀, gé ibi tí ìka ọwọ́ bá bò kúrò lára rẹ̀, kí o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Fi Fast Box Blur sí wọn, 8, 30 àti 100, kí Opacity wọn jẹ́ 100, 50 àti 20, kí Mode gbogbo wọn sì jẹ́ Add. Òkè léyà ọwọ́ ni wọ́n máa wà, torí inú gíláàsì kámẹ́rà ni irú títàn yìí ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ kí ó ya lé ìka lórí díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára aṣọ àti àgbọ̀n ọmọ náà jẹ́ ọ̀tọ̀. Kíkùn lo máa kùn ún, Glow kò lè ṣe é fún ọ.

32 bpc àti Blend Colors Using 1.0 Gamma nínú Project Settings ló máa ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀dà yẹn dà pọ̀ bí iná gidi. Ṣùgbọ́n fi ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ pamọ́ ná. Ó máa yí ìrísí gbogbo léyà tí a lè rí ohun ẹ̀yìn rẹ̀ gba inú rẹ̀ padà, ó sì máa ń mú kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò pọ̀ falẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí o fọwọ́ kàn án tó bá jẹ́ òní ni oníbàárà ń retí iṣẹ́ rẹ.

Bí o bá ti ṣe èyí tán tí ó ṣì kọ̀, fi fírémù kan ránṣẹ́ sí mi, kí o kọ nọ́ńbà ibi mẹ́ta tó dúdú jù sí i: ti irun, ti igi àti ti òkúta.