Èlé oṣooṣù àti èlé oṣù mẹ́ta mẹ́ta

“Báǹkì kan ní 24% lọ́dún, òmíràn ní 24.2%. Ṣé kì í ṣe ti 24% ló dínwó jù ni?”

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ń ka èlé mọ́ ojú owó. Ká ní mílíọ̀nù kan náírà lẹ fẹ́ yá, tí ẹ ó sì san gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lópin ọdún. Bí báǹkì tó sọ 24% bá ń ka èlé lóṣooṣù, 2% ni lóṣù kan: ti oṣù kìíní jẹ́ ₦20,000, ṣùgbọ́n ti oṣù kejì á di ₦20,400, torí pé èlé àkọ́kọ́ náà ti ń bímọ. Nígbà tí ọdún bá fi máa yí po, gbèsè yín á ti di ₦1,268,242, ìyẹn ni pé 26.82% gan-an lẹ san. Bí èkejì bá ń ka tirẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, 6.05% ni yóò gorí gbèsè lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ ₦1,264,861, èyí tó jẹ́ 26.49%. Òun gan-an ló dínwó.

Ìṣirò yìí kò ka owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń yọ kí wọ́n tó kó owó fúnni, ẹ béèrè ìyẹn lọ́tọ̀.