Ta ló mú 890 mi? Àlàfo àárín iye ìrà àti iye ìtà nínú ọjà tí kò lérò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Iye ìpín ilé-iṣẹ́ kan tí mo rí lójú ẹ̀rọ jẹ́ 100, mo sì ra 100 ìpín. 10,510 ni wọ́n yọ nínú owó mi. Ẹ̀rù bà mí, mo tà wọ́n padà lójú ẹsẹ̀, 9,620 ni mo rí gbà. Alágbàtà mi ní òun kò gba owó iṣẹ́ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá mú 890 mi? Mo fi àkọsílẹ̀ ìṣòwò náà ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó jí i. 100 tí ẹ rí yẹn ni iye tí ẹni tó rà kẹ́yìn ṣáájú yín fi rà á, ẹnikẹ́ni kò sì ṣèlérí pé iye yẹn ni òun máa tà á fún yín. Iye méjì ló máa ń wà nínú ọjà ìpín: iye tí olùrà ná an, tí ẹ̀rọ ń pè ní "Bid", àti iye tí olùtà pè é, tí ẹ̀rọ ń pè ní "Ask". Ẹni tí kò lè dúró, tó fẹ́ rà lójú ẹsẹ̀, iye tí olùtà pè ni yóò san; bó bá sì fẹ́ tà lójú ẹsẹ̀, iye tí olùrà ná ni yóò gbà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni sípírẹ́ẹ̀dì.

Nínú àkọsílẹ̀ yín, olùtà tó pe iye tó kéré jù pè é ní 102, ṣùgbọ́n ìpín 30 péré ló ní. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní ìpín 50, ó pè é ní 105. Lẹ́yìn rẹ̀, olùtà tó kù pè é ní 110. Nítorí pé àṣẹ "Market" ni ẹ fi sílẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kí wọ́n rà á fún yín ní iyekíye tí wọ́n bá bá nílẹ̀, ẹ̀rọ kó 30 àkọ́kọ́, ó kó 50, ó sì ra 20 tó kù ní 110. Nígbà tí ẹ fẹ́ tà, olùrà kan gba 40 ní 98, ìpín 60 tó kù sì lọ ní 95.

Ká ní gbogbo ìpín náà wà ní 102 nígbà tí ẹ rà, tí wọ́n sì gbà á ní 98 nígbà tí ẹ tà, 400 ni ẹ ì bá pàdánù, ìyẹn sì ni owó sípírẹ́ẹ̀dì. 490 tó kù ni àwọn oníṣòwò ń pè ní sílípéèjì: àṣẹ yín ju ohun tó wà ní iye tó dára jù lọ, ó sì ń gun àkàsọ̀ lọ bí ó ṣe ń wá ìyókù. Nínú ọjà tó lérò, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpín wà ní 99.95 àti 100.05, 10 péré ni irú ìrà àti ìtà bẹ́ẹ̀ ì bá ná yín.

Ìdí tí àlàfo fi ń fẹ̀ nínú ọjà tí kò lérò ni pé ẹni tó bá ra ìpín lọ́wọ́ yín lè gbé e dání fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rí ẹni tí yóò tà á fún, iye sì lè já lulẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ó tún ń bẹ̀rù pé ẹ lè mọ ìròyìn kan tí òun kò tíì gbọ́. Ó ń fi àlàfo náà dáàbò bo ara rẹ̀.

Ó máa ń yà àwọn ènìyàn lẹ́nu pé àwọn ọlọ́jà kékeré ló ń jẹ ìyà yìí jù, nígbà tó jẹ́ pé àṣẹ ńlá ló ń ti iye sókè. Òótọ́ ni pé àṣẹ ńlá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n olówó ńlá lè pín àṣẹ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè bá olùtà kan dúnàá-dúrà lábẹ́lẹ̀. Ẹni kékeré sábà máa ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, àṣẹ rẹ̀ tó sì kéré níbòmíràn a di ńlá níbi tí ìpín 30 péré wà nílẹ̀.

Kí ẹ tó rà, ẹ yọ Bid kúrò nínú Ask, kí ẹ fi iye àárín pín in. Tiyín jẹ́ 4 nínú 100, ìyẹn ni pé kí ìpín náà tó gòkè ní nǹkan bí ìdá 4 nínú 100, ẹ kò tíì rí owó yín padà, sílípéèjì kò sì tíì sí níbẹ̀. Ẹ wo bí ìpín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó pẹ̀lú, kí ẹ sì lo àṣẹ "Limit", tó ní gbèdéke. Bí ẹ bá fi 102 ṣe gbèdéke, 30 péré ni ẹ ì bá rí rà lójú ẹsẹ̀, àṣẹ ìyókù a sì dúró de olùtà. Ó ṣeé ṣe kí olùtà kankan má wá, ìyẹn náà sì jẹ́ ewu tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra bákan náà fún àṣẹ "Stop", tí ẹ fi ń ní kí wọ́n tà á bí iye bá já lulẹ̀ dé ibi kan. Bí iye bá ti kan ibi tí ẹ fi sí, àṣẹ "Market" ló sábà máa ń dà, níbi tí olùrà kò bá sì sí ní 95, ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé 85 kó tó rí ẹni tí yóò tà á fún.